Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Fowó Ránṣẹ́ Sílé

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà nílùú Ọba,

Ọ̀rọ̀ owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má tọ́jú òbí rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwa tó wà nílé ló ṣòwò tàbí dáko títí ara fi gbó, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì kankan tó ń wọlé fún wa lóṣù. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹnì kan ń fi ránṣẹ́ láìjẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ mọ̀ ni mo rí pé ó ń tú ilé ká.

Tọkọtaya kan gbé ẹjọ́ wọn wá bá mi. Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn láti máa tọ́jú £600 lóṣooṣù, kí wọ́n lè fi ṣe owó àkọ́san ilé. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó yẹ kó ti di £14,400. Nígbà tí ìyàwó yẹ àkáǹtì wò, £8,400 ló bá níbẹ̀. Ọkọ ti ń yọ £250 lóṣù fún àwọn ẹbí rẹ̀, kò sì sọ. Ìyàwó ní ó tan òun jẹ, ọkọ ní ìyàwó òun kò fẹ́ràn ẹbí òun.

Mo ní kí ọkọ kọ ohun tí owó náà ń bá lọ sórí ìwé. Oúnjẹ ìyá rẹ̀ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń gba £80, owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀ ń gba £50. £120 tó kù kò ní ojúkò kan: aṣọ ẹbí lóṣù yìí, táyà ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n lóṣù kejì, ìkómọ ẹni tí òun gan-an kò mọ̀ dáadáa. Ìyàwó ka ìwé náà tán, ó ní, "Bàbá, mi ò ní kó má tọ́jú Màámi. Ṣùgbọ́n bàbá tèmi náà ńkọ́? Kí ló dé tó fi ń ṣe é lẹ́yìn mi?"

Bí wọ́n ṣe tún un tò nìyí. £130 tó jẹ́ ti ìyá àti àbúrò dúró. Wọ́n fi £70 kún un fún bàbá ìyàwó. Wọ́n ya £50 sọ́tọ̀ lóṣooṣù sínú àkáǹtì tí àwọn méjèèjì ń rí, fún àìsàn òjijì àti ìsìnkú nìkan. Bí èyí bá tán, ó tán nìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀, £250 náà ni. Owó tó ń lọ sílé kò dín rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ pé £350 ni ti owó àkọ́san ilé lóṣù, pé £6,000 tó kù yóò pé ní ọdún kan àbọ̀. Ìyàwó lè dúró de ọjọ́ tó mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fowó ránṣẹ́, ẹnu yín ni kí ẹ fi sọ "rárá" fún ẹbí yín. Ẹ má ṣe sọ fún wọn láé pé, "Ìyàwó mi kò gbà" tàbí "Ọkọ mi kò jẹ́." Ẹ ń sọ ẹnìkejì yín di ọ̀tá wọn, títí ayé ni ẹbí yóò sì máa rántí. Owó ilé-ìwé, ẹ san án sí àkáǹtì ilé-ìwé fúnra yín.

Ẹ tún máa yẹ iye tí ẹ ń fi ránṣẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, £1 kò tó ₦1,000. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Àwọn kan nílé rò pé ẹ ti lówó sí i, àwọn kan lọ́dọ̀ yín sì fẹ́ tìtorí ẹ̀ dín in kù. Ṣùgbọ́n ọjà ilé náà wọ́n sí i. Iye tí wọ́n ń ta oògùn àti ìrẹsì ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe iye pọ́ùn nìkan.

Ẹ̀yin tí owó yìí ń bí nínú, ẹ ya oògùn ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ ẹbí. Ẹ̀tọ́ yín ni láti bá aṣọ ẹbí wí. Oògùn ìyá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kí owó oṣù tó ń bọ̀ tó wọlé, ẹ jọ jókòó, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń jẹ lára yín sílẹ̀ níwájú ara yín.

Èmi ni bàbá yín nílé.