Kí Nọ́ọ̀sì Tó Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni olùgbọ́ fi ń jẹ́ kí ó hàn pé òun ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀: ó ń gbè é lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú “hẹn” àti “ẹ̀hẹ́n”, ó ń fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tún ohun tó gbọ́ sọ, ó sì ń béèrè ibi tí kò yé e. Ní 1957 ni Carl Rogers àti Richard Farson tẹ ìwé kékeré kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí irú ìfetísílẹ̀ yìí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títún ọ̀rọ̀ sọ ni òṣìṣẹ́ ìlera lè tètè fò, òun gan-an ló sì ń tú àṣìgbọ́ fó.

“Hẹn” ní agbára tirẹ̀. Lórí fóònù, bí olùgbọ́ bá dákẹ́ díẹ̀, kíá ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á béèrè pé, “Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Nínú ìwádìí tí Janet Bavelas àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, wọ́n ní kí àwọn olùgbọ́ kan máa ka ọ̀rọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà “t” bí ẹlòmíràn ti ń sọ ìtàn ewu tó yọ nínú rẹ̀. Ọkàn wọn kò sí nínú ìtàn mọ́, èsì wọn kò sì bá a mu. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà kò wá lè parí rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, “hẹn” kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kò tó. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dẹ́rù bani, “háà!” ló yẹ ibẹ̀.

Ká ní ìyá kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sọ fún nọ́ọ̀sì pé, “Oògùn yẹn ò bá mi lára mu.” Bí nọ́ọ̀sì bá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè pààrọ̀ oògùn náà lásán. Ṣùgbọ́n bó bá ní, “Màmá, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ó ń ṣe yín ní nǹkan kan lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó?”, ìyá lè dáhùn pé, “Rárá o. Owó rẹ̀ ni mi ò lè gbé. Ọjọ́ méjì-méjì ni mo ń lò ó.” Àtúnsọ tó kùnà yìí ló gbé òótọ́ jáde. Ìgbà náà ni ìbéèrè kàn: “Ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?” “Kí ló dé tí ẹ kò lò ó?” kò dára níbẹ̀, nítorí ẹ̀sùn ló máa ń dún bí i létí àgbàlagbà, ẹni tí a bá sì fẹ̀sùn kàn á máa wá àwáwí.

Àtúnsọ náà ní ààlà. Ẹni tó bá dá ọ̀rọ̀ gan-an padà bí ayékòótọ́ kò tíì tún nǹkan kan sọ, ẹni tó bá sì ń ṣe é lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu aláìsàn ni. Ẹ̀ẹ̀kan ní òpin ọ̀rọ̀ tó. Nọ́ọ̀sì tí kò bá tíì gbọ́ “bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn” lẹ́nu aláìsàn kò gbọdọ̀ tíì kọ ọ́ sínú fáìlì.