Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ gbé lọ sórí LinkedIn, tí wọ́n wá ń fi ìpolówó da àwọn tí wọn ò mọ̀ rí láàmú. Wọ́n gbọ́ òwe náà láàbọ̀. Àwọn àgbà ní ká má dákẹ́. Wọn ò ní ká máa kanlẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tó bá wúlò fún oníbàárà ló ń pè é wá.

Ká mú ẹnjiníà kan ní Ìbàdàn tó ń ṣe iná sólà. Bó bá kọ "olùdásílẹ̀, onímọ̀, aṣáájú" síbi tí wọ́n ń pè ní Headline lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ta ló máa fi ìyẹn júwe rẹ̀ fún ẹlòmíì? Ṣùgbọ́n bó bá kọ "Mo ń ṣe iná sólà fún ilé ìwòsàn kéékèèké n'Íbàdàn, kí fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára má baà kú lóru", apòògùn tó bá kà á ti mọ ẹni tó máa darí sí i. Ìlà yẹn kì í sì í jókòó sójú kan: ibikíbi tó bá ti dá sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń bá orúkọ rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ gidi ni èsì olóye kan lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí dókítà kọ.

Lẹ́yìn náà, kó ṣí ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "A tún ti parí iṣẹ́ kan" kò tó. Kó ṣírò rẹ̀ síta: bátìrì olómi tí wọ́n kọ 12V 200Ah sí lára ń gbé nǹkan bí 2,400 wọ́ọ̀tì-wákàtí, kò sì dáa ká máa lò ó kọjá ìdajì, kó má baà tètè bàjẹ́. Ó ku 1,200. Bí fíríìjì, gílóòbù àti fáànù bá jọ ń fa 400 wọ́ọ̀tì, kò lè ju wákàtí 3 lọ, ilẹ̀ ò sì tíì mọ́. Alábòójútó ilé ìwòsàn tó bá ka èyí á dìde lọ wo bátìrì tirẹ̀, á sì padà wá béèrè. Kó gbé e sí Featured, torí ohun tí a kọ kì í pẹ́ rì.

Àmì kan wà tó ń tanni jẹ. Bó bá jẹ́ kìkì àwọn ẹnjiníà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń yìn ín, akẹgbẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe oníbàárà. Kó wo iṣẹ́ àwọn tó ń yọjú wo ojú ìwé rẹ̀. Bí kò bá sí òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kó yí ohun tó ń kọ padà.

Bí iṣẹ́ bá parí, kó bẹ oníbàárà kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Recommendations: bí fíríìjì ṣe máa ń gbóná kọjá 8°C lóru tẹ́lẹ̀, àti bó ṣe rí báyìí. Kó sì pe apòògùn tó darí oníbàárà náà wá, kó sọ bí iṣẹ́ ṣe lọ fún un, torí orúkọ ara rẹ̀ ni apòògùn náà fi dúró fún un.