Lẹ́tà Gbangba Lórí Ìwádìí Ẹ̀kọ́ Tí Òṣìṣẹ́ Nílò Nígbà Tí Sọ́fítíwíà Ìṣirò Owó Tuntun Bá Dé

Sí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò owó, àwọn tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, àti àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-iṣẹ́ ń háyà ní Nàìjíríà:

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ fi sọ́fítíwíà ìṣirò owó tí ó ti ń lò sílẹ̀ kí ó sì bọ́ sí tuntun, iṣẹ́ kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú kíláàsì èyíkéyìí, òun ni ìwádìí ẹ̀kọ́ tí òṣìṣẹ́ nílò, ìyẹn ni pé kí a fi ohun tí iṣẹ́ tuntun yóò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wé ohun tí ẹni náà lè ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́, kí a sì yà á sọ́tọ̀, nínú àlàfo tí ó bá wà láàárín méjèèjì, èyí tí ẹ̀kọ́ lè dí àti èyí tí ẹ̀kọ́ kò lè dí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n a pín fọ́ọ̀mù fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìṣirò owó pé kí wọ́n kọ irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n sì fún ìmọ̀ ara wọn ní máàkì láti 1 dé 5. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó ta sọ́fítíwíà náà a wá, a kó gbogbo wọn sínú yàrá kan, a sì kọ́ wọn ní ohun kan náà fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àṣà yìí ni lẹ́tà yìí ń tako, nítorí pé ó ń ná owó sórí ẹ̀kọ́ tí àwọn kan kò nílò, ó sì ń fi àwọn tí àṣìṣe wọn yóò dun ilé-iṣẹ́ jù sílẹ̀ láìkọ́.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì lo sọ́fítíwíà kan rí kò ní ọ̀nà tí yóò fi mọ ohun tí kò mọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ìdáhùn tí ó bá kọ sínú fọ́ọ̀mù yóò máa sọ bí iṣẹ́ àtijọ́ ti mọ́ ọn lára tó, kì í ṣe bí iṣẹ́ tuntun yóò ti le fún un. Láti ọdún 1961 ni William McGehee àti Paul Thayer ti ṣàlàyé nínú ìwé wọn pé ojú mẹ́ta ni a fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ilé-iṣẹ́ lápapọ̀, iṣẹ́ tí a fẹ́ kí a ṣe, àti ẹni tí yóò ṣe é. Ẹni nìkan ni fọ́ọ̀mù ń wò, kò sì wo òun gan-an dáadáa, nítorí pé èrò rẹ̀ nípa ara rẹ̀ ni ó ń gbà sílẹ̀. Iṣẹ́ ni ó yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí sọ́fítíwíà tuntun ń yí padà jù lọ ni ẹni tí ń ṣe èwo nínú iṣẹ́ àti àkókò tí ó ń ṣe é.

Ọjà rírà fi èyí hàn kedere. Kí a gbà pé ilé-iṣẹ́ kan tí ń ra ọjà láti tún un tà bọ́ kúrò lórí sọ́fítíwíà àtijọ́ sí èyí tí ó so sítọ́ọ̀ pọ̀ mọ́ lẹ́jà, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ àgbà tí gbogbo àkáǹtì wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ ètò àtijọ́, sítọ́kípà a kọ ọjà tí ó wọlé sínú ìwé ńlá tirẹ̀, ìwé yìí kò sì kan lẹ́jà. Ìgbà tí ínfọ́ìsì, ìwé tí olùtajà fi ń béèrè owó rẹ̀, bá dé ọ́fíìsì ni akọ̀wé ìṣirò owó yóò tó kọ ọjà náà sínú àkáǹtì. Lábẹ́ ètò tuntun, bí sítọ́kípà bá ti fọwọ́ sí i lórí kọ̀ǹpútà pé ọjà wọlé, lójú ẹsẹ̀ ni sọ́fítíwíà yóò kọ ọ́ sínú lẹ́jà. Bí ó bá jẹ́ páálí 200 ni ó wọlé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦5,000, àkáǹtì ọjà yóò gba dẹ́bíìtì ₦1,000,000, nígbà tí àkáǹtì aláàárín kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti di gbèsè ọjà tí a ti gbà mú títí ínfọ́ìsì rẹ̀ yóò fi dé, yóò gba kírẹ́díìtì iye kan náà. Nígbà tí ínfọ́ìsì bá dé pẹ̀lú owó-orí ọjà tí a mọ̀ sí Fáàtì, èyí tí ó ti wà ní 7.5% láti oṣù kejì ọdún 2020, akọ̀wé yóò so ó mọ́ àkọsílẹ̀ sítọ́kípà, sọ́fítíwíà yóò sì fi dẹ́bíìtì ₦1,000,000 pa gbèsè inú àkáǹtì aláàárín rẹ́, yóò kọ ₦75,000 sí àkáǹtì Fáàtì, yóò sì fi ₦1,075,000 sí orúkọ olùtajà.

Akọ̀wé tí ètò àtijọ́ ti mọ́ lára kì í so ínfọ́ìsì mọ́ nǹkan kan. Ojú ewé tuntun ni yóò ṣí, tí yóò sì kọ ọjà sí i bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, àkáǹtì ọjà ti di ₦2,000,000 fún páálí 200 péré, kírẹ́díìtì ₦1,000,000 sì kù nínú àkáǹtì aláàárín láìsí ohun tí yóò pa á rẹ́. Ohun tí ó mú kí àṣìṣe yìí burú ni pé kò sí ẹni tí yóò tètè pariwo: dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì ṣì dọ́gba, orúkọ olùtajà gbé iye tí ó tọ́, olùtajà sì gba owó rẹ̀ láìjiyàn. Ó lè di ìgbà tí a bá ka ọjà ní òpin ọdún kí a tó rí i pé ohun tí lẹ́jà ń sọ ju ohun tí ó wà nílẹ̀ lọ. Nínú gbogbo èyí, sítọ́kípà ni àkọ́kọ́ nínú àwọn tí ń kọ nǹkan sínú lẹ́jà, bẹ́ẹ̀ sì ni fọ́ọ̀mù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìṣirò owó.

Ìwádìí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ kò ní fo sítọ́kípà. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí a to iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí a kọ ẹni tí ń ṣe é àti bí ó ṣe ń ṣe é lábẹ́ ètò àtijọ́, kí a sì kọ ẹni tí yóò ṣe é àti bí yóò ṣe ṣe é lábẹ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò yí padà kò nílò ìwádìí kankan. Fún èyí tí ó yí padà, ìbéèrè méjì ni a ó fi tò ó: kí ni àṣìṣe níbẹ̀ yóò ná ilé-iṣẹ́, àti pé yóò ti pẹ́ tó kí ẹnikẹ́ni tó rí i? Àṣìṣe tí sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ yóò kọ̀ lójú ẹsẹ̀ lè dúró sẹ́yìn, àmọ́ èyí tí ó lè fara pamọ́ di òpin ọdún gbọ́dọ̀ wà lókè.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ìdánwò lójú iṣẹ́. Kí a ṣí ẹ̀dà sọ́fítíwíà tí a yà sọ́tọ̀ fún ìdánrawò, kí a kó ìwé tòótọ́ inú oṣù tí ó kọjá jáde, kí a ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́, kí ẹni tí ń wò ó sì kọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró àti ohun tí ó dá a dúró. Nínú ilé-iṣẹ́ àpẹẹrẹ wa, a lè rí i pé páálí 180 ni ó wọlé nínú 200 tí a béèrè fún, ṣùgbọ́n sítọ́kípà fọwọ́ sí 200 nítorí pé iye tí a béèrè fún ni sọ́fítíwíà ti kọ síbẹ̀ dè é. Akọ̀wé kìíní kọ ínfọ́ìsì sí ojú ewé tuntun bí a ti sọ lókè. Akọ̀wé kejì mọ̀ pé ó yẹ kí a so ó, àmọ́ bọ́tìnnì tí yóò tẹ̀ kò hàn lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, nítorí pé wọn kò tíì fún orúkọ rẹ̀ ní àṣẹ. Olórí akáńtáǹtì dúró níbi owó ọkọ̀ tí ó gbé ọjà wá, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kò tíì pinnu bóyá kí a fi í kún iye ọjà tàbí kí a kọ ọ́ sí ìnáwó.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni kí a ya ìdí wọ̀nyí sọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣà tí ó wà nílẹ̀ ti ń kùnà jù. Robert Mager àti Peter Pipe ti fi ìbéèrè kan lélẹ̀ ní ọdún 1970 tí ó ṣì wúlò, pé bí ẹ̀mí ẹni náà bá rọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí, ǹjẹ́ yóò lè ṣe é? Bí ó bá lè ṣe é, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni ó nílò. Nínú àwọn mẹ́rin tí a wò yìí, méjì péré ni ẹ̀kọ́ kàn. Sítọ́kípà nílò wákàtí díẹ̀ nínú sítọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ lórí kíka ọjà àti títún iye orí kọ̀ǹpútà ṣe, akọ̀wé kìíní sì nílò òwúrọ̀ kan lórí síso ínfọ́ìsì mọ́ àkọsílẹ̀ ọjà, pẹ̀lú àlàyé ohun tí àkáǹtì aláàárín wà fún. Ohun tí akọ̀wé kejì nílò ni àṣẹ, ohun tí olórí akáńtáǹtì sì nílò ni ìpinnu àwọn ọ̀gá. Bí a bá kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí kíláàsì ọlọ́jọ́ méjì, bọ́tìnnì náà kò ní tìtorí rẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ kò ní yanjú.

Ìwádìí yìí ní ààlà tirẹ̀. A kò lè ṣe é kí ètò sọ́fítíwíà tó dúró, nítorí pé ohun tí òṣìṣẹ́ yóò rí lójú kọ̀ǹpútà ṣì ń yí padà, a kò sì gbọdọ̀ ṣe é ní ìparí oṣù tí gbogbo wọn ń pa ìwé dé. Kò lè fi iṣẹ́ tí à ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún hàn dáadáa, bíi títi ìwé ọdún. Ìlànà tí a kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ ni ó sàn fún irú èyí, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ lónìí yóò ti sá lórí kí ìgbà rẹ̀ tó dé. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, òṣìṣẹ́ tí ó bá rò pé ìdánwò náà ni wọn yóò fi lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yóò wá ọ̀nà láti bo àìmọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìwádìí náà yóò sì bàjẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ọ̀gá sọ ọ́ ní gbangba, kí ó sì pa ọ̀rọ̀ náà mọ́, pé èsì rẹ̀ kò ní wọ fáìlì ẹnikẹ́ni.

Ohun tí lẹ́tà yìí ń béèrè kò pọ̀. Kí àwọn ọ̀gá má ṣe san owó kíláàsì kankan kí wọ́n tó rí àtòjọ iṣẹ́ tí ó yí padà àti èsì ìdánwò lójú iṣẹ́, kí wọ́n sì rí i dájú pé orúkọ ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ yóò kan lẹ́jà wà nínú rẹ̀, ẹ̀ka yòówù kí ó ti wá. Kí àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gba iṣẹ́ láìrí ìwé wọ̀nyí. Ní ìparí oṣù àkọ́kọ́ tí a bá lo sọ́fítíwíà tuntun, kí wọ́n jọ ṣí àkáǹtì aláàárín, kí wọ́n sì wá ọjà tí a ti gbà tí a sì ti san owó rẹ̀, àmọ́ tí gbèsè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá wà, ẹnì kan ṣì wà tí ìwádìí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí ìdínà kan tí a kò tíì mú kúrò, ojúṣe àwọn tí ó ṣètò ìwádìí náà sì ni láti padà lọ wá a.