Ilé iṣẹ́ kan, ipò mẹ́rin

Ní Ko-Kumolu níbí, ọkùnrin kan wà lára àwọn tó kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì àwọn àgbà. Ọdún 18 ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo pupa kan. Ó wọlé ní ọdún 2005 gẹ́gẹ́ bí agbẹ́rù. Nígbà tí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù ní ọdún 2023, òun ni olórí ilé ìkẹ́rùsí. Ó wá irú iṣẹ́ kan náà lọ sí Àjàṣẹ́. Wọ́n ní kí ó mú ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ wá, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní sévé. Ìlà kan ṣoṣo ló kọ: «Mo ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo láti 2005 dé 2023.» Wọn kò pè é.

Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó ka ìwé náà kò mọ ọkùnrin yìí rí. Ọdún 18 lójú kan ló rí, ó sì lè rò pé ẹrù ni ó ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé e ga.

Ọmọ rẹ̀ bá a tún ìwé náà kọ. Ó to ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ó tún orúkọ ilé iṣẹ́ kọ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe kejì nìyẹn. Ẹni tó ń yára kàwé yóò rí orúkọ lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò sì rò pé ẹni tí kì í pẹ́ níbì kan ni.

Lójú tèmi, ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí orúkọ ilé iṣẹ́ hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú gbogbo ọdún tí a lò níbẹ̀. Kí àwọn ipò wà lábẹ́ rẹ̀, kí èyí tó kẹ́yìn ṣíwájú, nítorí òun ló sún mọ́ iṣẹ́ tí a ń wá jù. Báyìí ni a ṣe kọ ọ́:

Ilé iṣẹ́ epo pupa, Ìfọ̀nyìn, 2005–2023
2019–2023: olórí ilé ìkẹ́rùsí, mo ń darí òṣìṣẹ́ 6.
2014–2019: olùtọ́jú ẹrù, kọ́kọ́rọ́ àti ìwé ẹrù wà lọ́wọ́ mi.
2009–2014: òṣìṣẹ́ ìdí òṣùwọ̀n, mo ń wọn epo, mo sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.
2005–2009: agbẹ́rù.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọdún tí ipò kan parí ni òmíràn bẹ̀rẹ̀. Kò sí àlàfo. Orúkọ ipò nìkan kò sì tó, nítorí ẹni tí wọ́n ń pè ní olórí níbì kan lè máa ṣe iṣẹ́ kékeré níbòmíràn. Ohun tí wọ́n fi kún iṣẹ́ ẹni ló ń fi ìgbéga hàn: àkọsílẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, kọ́kọ́rọ́ tẹ̀lé e, ènìyàn ló kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ owó oṣù nìkan ló lé, tí iṣẹ́ kò yí padà, kí a má kọ ọ́ bí ipò tuntun. Bí a bá sì di ipò mú fún oṣù mélòó kan nítorí àìsàn ẹlòmíràn, kí a kọ ọ́ pé adelé ni a ṣe.

Ó mú ìwé tuntun yìí lọ síbòmíràn, wọ́n sì pè é. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: «Kí ló dé tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́ ní 2014?» Ó dáhùn pé ní gbogbo ọdún márùn-ún tí òun fi wọn epo, iye tí òun kọ sílẹ̀ àti epo inú àgbá kì í yàtọ̀ síra. Wọ́n wá ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ wá láti ibi tó ti kúrò.

Ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀rí náà ni: «agbẹ́rù, 2005–2023.» Ìwé méjì tako ara wọn, ọkùnrin náà sì fẹ́ dà bí òpùrọ́. Níhìn-ín, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ni mo bá wí. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, òfin 98-004 ti ọdún 1998, fẹ́ kí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ sọ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ wọlé, ọjọ́ tó jáde, àti àwọn iṣẹ́ tó ṣe tẹ̀léra pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Òfin tí ìjọba Faransé ṣe ní 1952 fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Kì í ṣe oore tí ọ̀gá ń ṣe fún òṣìṣẹ́. Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni.

Lẹ́tà ìgbéga mẹ́ta tí ọkùnrin náà tọ́jú ló gbà á sílẹ̀. Ó kó wọn lọ bá akọ̀wé ilé iṣẹ́ àtijọ́, wọ́n sì tún ìwé ẹ̀rí náà kọ. Ká ní wọ́n kọ̀ ni, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni ìbá gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún mi ni pé òun gba ìwé náà lọ́jọ́ tí òun kúrò, òun sì ká a sápò láìkà á. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ka tiyín kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé.