Àwo Kẹta Kì Í Dùn Tó Àkọ́kọ́

"Ìyá, kí ló dé tí àwo ìkọ́kọrẹ́ kẹta kì í dùn tó àkọ́kọ́, nígbà tó jẹ́ pé ìkòkò kan náà lẹ ti bù ú?" Bí oníbàárà bá bi olóúnjẹ kan ní Màkún-Omi báyìí, èsì tó tọ́ ni pé: "Oúnjẹ kọ́ ló yí padà, ebi yín ló ti lọ." Ká ní 1,000 náírà ni àwo kan. Ẹni tí ebi ń pa lè gbà láti san 3,000 fún àkọ́kọ́ àti 1,500 fún èkejì, àmọ́ kó má fẹ́ san ju 400 lọ fún ẹ̀kẹta. Yóò dúró síbi èkejì. Ẹ̀kẹta ṣì lè fi kún ìgbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n àfikún náà kò tó owó tí wọ́n ń tà á. Òfin náà ni pé bí a bá ṣe ń jẹ ohun kan náà sí i, bẹ́ẹ̀ ni àfikún ìgbádùn rẹ̀ ń dín kù; Hermann Gossen, ará Jámánì, ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1854. Oníbàárà lè jiyàn pé: "Tí mo bá wá jẹ ẹ̀kẹta lọ́la, tó sì dùn ńkọ́?" Ebi tuntun ló dé yẹn, àwo àkọ́kọ́ ti ọ̀la ni. "Bí àwo bá kéré ńkọ́?" Ó lè di ẹ̀karùn-ún kí adùn tó dín, ṣùgbọ́n yóò dín náà ni. Nítorí náà, olóúnjẹ tó bá fẹ́ ta ẹ̀kẹta ní láti dín owó rẹ̀ kù. Bí ewùrà àti ẹja inú rẹ̀ bá sì ná an ju 400 lọ, kó gbé e fún ẹni tí kò tíì jẹ àkọ́kọ́.