Ìwọ̀sí Kì í Ṣe Apá Kan Nínú Áítì

Láti ọdún 1973 ni ètò Sáíwẹ́ẹ̀sì ti wà ní Nàìjíríà, ètò tí ó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti pólì lọ sí ilé-iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n ti kà nínú ìwé, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ sí Áítì. Ọ̀gá tí a fi akẹ́kọ̀ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni ó ń fọwọ́ sí lọ́ọ̀gì-búùkù, ìyẹn ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí, òun náà ni ó sì ń sọ èrò rẹ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ nínú fọ́ọ̀mù ìparí. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, máàkì Áítì lè bọ́, ìkẹ́kọ̀ọ́jáde sì lè falẹ̀. Agbára ìbuwọ́lù yìí ni ọ̀gá oníwà burúkú ń lò, ìdí sì nìyí tí ìmọ̀ràn àwọn olùkọ́ kan, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà fara dà á títí oṣù yóò fi pé, fi jẹ́ ìmọ̀ràn tí ó lòdì.

Kì í ṣe gbogbo ìnira ni ìwọ̀sí. Ọ̀gá tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tún iṣẹ́ kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta ń kọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo bá ń gbálẹ̀, tí ó ń ra oúnjẹ kiri lójoojúmọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, nítorí pé ó jẹ́ obìnrin tàbí nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ìrẹ́jẹ ni. Ní ti ìyọlẹ́nu tí ó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀, ìlànà ìgbẹ́jọ́ ti ọdún 2017 tí Ilé-ẹjọ́ Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ń lò kò fi mọ sí ìfọwọ́kàn nìkan. Ó ka ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́ ọn, ó ka àwòrán àti ìṣesí tí kò bójú mu mọ́ ọn, ó sì ka gbígbé ẹ̀tọ́ ẹni lé orí ìbálòpọ̀ mọ́ ọn.

Bí a bá mú àpẹẹrẹ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní ilé-iṣẹ́ àwọn oníṣirò owó ní Ìkẹjà, tí ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un ní yàrá fáìlì pé òun kò ní fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ àfi bí ó bá wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì, inú lọ́ọ̀gì-búùkù kọ́ ni ó yẹ kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sí, nítorí pé ọwọ́ ọ̀gá yẹn gan-an ni ìwé náà yóò padà sí. Ìwé kejì ni yóò lò, èyí tí yóò máa wà nílé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni yóò ti kọ déètì, aago, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ gan-an bí ó ṣe sọ ọ́, èsì tí òun fún un, àti ẹni tí ó wà nítòsí. Kíkọ pé ọ̀gá sọ ìsọkúsọ kò tó, nítorí pé ẹni tí yóò ṣe ìwádìí kò lè díwọ̀n ìsọkúsọ tí kò gbọ́. Ohun tí ó tẹ̀lé kíkọ̀ rẹ̀ náà ṣe pàtàkì: bí ọ̀gá tí ó ń fọwọ́ sí ìwé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bá dédé ṣíwọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, fọ́tò ojú-ìwé lọ́ọ̀gì-búùkù tí akẹ́kọ̀ọ́ ń yà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ yóò fi hàn. Àtẹ̀jíṣẹ́ Wáàsáàpù kò gbọdọ̀ di pípa rẹ́ lórí fóònù, kódà lẹ́yìn tí a ti ya àwòrán rẹ̀, nítorí pé ilé-ẹjọ́ lè béèrè ibi tí àwòrán náà ti wá.

Ẹ̀ka tí ó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ń sọ fún nínú ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà tàbí ímeèlì tí ó ní déètì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbọ́. Níbi tí ọ̀gá náà bá ti jẹ́ ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́, kò sí ẹni tí a ó sọ fún nínú ilé-iṣẹ́ náà. Olùkọ́ alábòójútó àti ọ́fíìsì Sáíwẹ́ẹ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kàn, lẹ́yìn wọn ni ọ́fíìsì Áítíẹ́ẹ̀fù, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ni ètò náà, ní agbègbè ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ìfipáṣe tàbí ìfọwọ́kàn, ọlọ́pàá ni, àti, ní Èkó, àjọ ìpínlẹ̀ tí ó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé àti ti ìbálòpọ̀. Ẹni tí ó bá ní akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́, nítorí náà òfin kò dáàbò bò ó, ṣì í sọ: Àdéhùn 190 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2022, dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ àti ọmọ iṣẹ́ ní tààrà.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kí wọ́n rán alábòójútó lọ sí ibi iṣẹ́ láàárín oṣù àkọ́kọ́, kí ó bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní àṣẹ láti gbé akẹ́kọ̀ọ́ tí a yọ lẹ́nu lọ sí ibòmíràn láìjẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tí ó ti lò ṣòfò.