Ìdánwò Ọ̀sẹ̀ Yìí: Ta Ni Ká Dógò Tì, Olùdarí Ni àbí Ilé-Iṣẹ́?

Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò san án, olówó rẹ̀ lè rán ológò sí i. Ológò yóò jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, yóò máa jẹ, yóò máa mu, yóò sì máa yọ ilé lẹ́nu títí tí wọn yóò fi wá owó náà san. Kò ṣòro nígbà náà láti mọ ilé tí ológò yóò lọ, nítorí pé ẹlẹ́ran ara ni ẹni tí ó jẹ gbèsè. Lónìí, ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lè jẹ gbèsè, kò sì ní ilé bàbá tí a lè lọ jókòó sí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olówó fi ń wá olùdarí ilé-iṣẹ́ lọ sí ilé rẹ̀. Nígbà mìíràn, òfin wà lẹ́yìn wọn. Nígbà mìíràn, kò sí lẹ́yìn wọn rárá.

Ìyàtọ̀ yìí ni ìdánwò ọ̀sẹ̀ yìí dá lé. Ìbéèrè mẹ́rin ni, ìdáhùn mẹ́ta kan náà ni ẹ ó sì máa yàn nínú rẹ̀: (a) Làgbájá fúnra rẹ̀ ni gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, (b) ilé-iṣẹ́ nìkan ni, (d) àwọn méjèèjì ni. Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀ kí ẹ tó ka tiwa. Òfin Nàìjíríà ni a fi dáhùn, pàápàá òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ Làgbájá. Búrẹ́dì ni ó ń ṣe tà ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ó gba ìwé-ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní Làgbájá Búrẹ́dì Límítẹ́ẹ̀dì. Òun nìkan ni ó ni gbogbo ìpín ìdókòwò ibẹ̀, òun nìkan náà sì ni olùdarí, nítorí pé òfin ọdún 2020 gba èyí láàyè fún ilé-iṣẹ́ kékeré. Nọ́ńbà ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RC. Ẹ kíyè sí èyí, nítorí pé bí ó bá jẹ́ BN ni, orúkọ òwò lásán ni ó fi sílẹ̀. Orúkọ òwò kì í ṣe ẹ̀dá ọ̀tọ̀ lójú òfin. Gbèsè òwò bẹ́ẹ̀, gbèsè ẹni tí ó ni ín ni, ìdánwò wa kò sì ní nǹkan kan í bá a ṣe.

Ìbéèrè Kìíní

Ní oṣù Karùn-ún, Tàmẹ̀dù ta ìyẹ̀fun 2,400,000 náírà ní àwìn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni a kọ sínú ìwé àdéhùn gẹ́gẹ́ bí olùrà. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, Làgbájá buwọ́ lù ú, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Fún Làgbájá Búrẹ́dì Límítẹ́ẹ̀dì, Olùdarí." Ọjọ́ ìsanwó dé, ó kọjá. Owó tí ó kù nínú àpò ilé-iṣẹ́ kò ju 300,000 náírà lọ, ṣùgbọ́n Làgbájá ní ọkọ̀ àti ilẹ̀ tirẹ̀. Ọrùn ta ni gbèsè náà wà?

Ìdáhùn: (b), ilé-iṣẹ́ nìkan.

Láti ọjọ́ tí a ti forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ni ó ti di ẹ̀dá ọ̀tọ̀ lójú òfin. Ó lè ra nǹkan, ó lè jẹ gbèsè, a sì lè pè é lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ní ọdún 1897, nínú ẹjọ́ oníṣòwò bàtà kan tí ń jẹ́ Sálómọ́nì. Ọkùnrin yìí ta òwò rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Nínú ìpín 20,007 tí ilé-iṣẹ́ náà ní, 20,001 jẹ́ tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ márùn-ún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ wọko gbèsè, wọ́n fẹ́ kí ó fi owó ara rẹ̀ san án. Ilé-ẹjọ́ ní rárá: gbèsè ilé-iṣẹ́ kì í ṣe gbèsè Sálómọ́nì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ni gbogbo rẹ̀ tán. Òfin Nàìjíríà tẹ̀ lé ìdájọ́ yìí.

Nítorí náà, Tàmẹ̀dù kò lè fọwọ́ kan ọkọ̀ tàbí ilẹ̀ Làgbájá. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo bí ó ṣe buwọ́ lùwé. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ tirẹ̀ nìkan ni ó wà nínú ìwé àdéhùn gẹ́gẹ́ bí olùrà, tí ó sì buwọ́ lù ú láìdárúkọ ilé-iṣẹ́ níbikíbi, Tàmẹ̀dù lè sọ pé Làgbájá ni òun bá dòwò, pé òun kò mọ ilé-iṣẹ́ kankan. Ó ṣeé ṣe kí ilé-ẹjọ́ gbà fún un.

Ìbéèrè Kejì

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Làgbájá ti ra ààrò ńlá kan ní 1,500,000 náírà. Bákan náà ni ó ṣe buwọ́ lùwé: "Fún Làgbájá Búrẹ́dì Límítẹ́ẹ̀dì, Olùdarí." Ilé-iṣẹ́ náà kò tíì sọ nǹkan kan lórí àdéhùn yìí. Ọrùn ta ni gbèsè ààrò wà?

Ìdáhùn: (a), Làgbájá fúnra rẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ méjèèjì. Ọjọ́ 17 ni ó wà láàárín ìgbà tí ó ra ààrò àti ìgbà tí a forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tí a kò tíì bí kò lè ránni níṣẹ́, nítorí náà ẹni tí ó ní òun ń ṣojú fún un, ara rẹ̀ ni ó ń ṣojú fún. Ní ọdún 1866, ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá irú ẹjọ́ yìí fún àwọn kan tí wọ́n ra ọtí wáìnì ní orúkọ ilé-iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tí a kò tíì dá sílẹ̀. Àwọn tí ó buwọ́ lùwé ni gbèsè náà já lé lórí. Ìdájọ́ náà fi kún un pé ilé-iṣẹ́ náà kò lè tẹ́wọ́ gba àdéhùn bẹ́ẹ̀ bí a bá dá a sílẹ̀ tán.

Ibí yìí ni òfin Nàìjíríà ti yàtọ̀. Abala 96 nínú òfin ọdún 2020 gbà pé kí ilé-iṣẹ́ tẹ́wọ́ gba àdéhùn tí a ṣe fún un kí a tó dá a sílẹ̀. Bí ó bá ti tẹ́wọ́ gbà á, yóò dà bí ẹni pé ó ti wà láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, gbèsè yóò sì kúrò lọ́rùn Làgbájá. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, òun ni a ó dì mú, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ní kedere pé a kò ní dì í mú. Ohun tí ó yẹ kí Làgbájá ṣe ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta kò ju kí ó kọ ìpinnu ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ pé ó tẹ́wọ́ gba àdéhùn ààrò, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó tà á.

Ìbéèrè Kẹta

Ilé-iṣẹ́ yá 5,000,000 náírà ní báńkì. Làgbájá buwọ́ lùwé owó yíyá ní orúkọ ilé-iṣẹ́. Báńkì wá gbé ìwé kejì fún un, èyí tí ó sọ pé bí ilé-iṣẹ́ kò bá san án, òun yóò san án. Ó buwọ́ lu èyí náà ní orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ san 2,000,000 tán, owó tán. Ọrùn ta ni 3,000,000 tí ó kù àti èlé rẹ̀ wà?

Ìdáhùn: (d), àwọn méjèèjì.

Ẹ máṣe rò pé báńkì ti fọ́ odi tí ó wà láàárín Làgbájá àti ilé-iṣẹ́. Odi náà dúró digbí. Àdéhùn méjì ni ó wà nílẹ̀: ilé-iṣẹ́ jẹ gbèsè nínú ti àkọ́kọ́, Làgbájá sì jẹ́ onídùúró nínú ìkejì. Ìlérí tirẹ̀ ni báńkì fi dì í mú. Bí ó bá tilẹ̀ fi ipò olùdarí sílẹ̀ lọ́la, ìwé onídùúró kò bá a kúrò níbẹ̀, àfi bí báńkì bá dá a sílẹ̀ tàbí bí ìwé náà bá sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá san owó náà, ó ní ẹ̀tọ́ láti gbà á padà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni èèyàn yóò gbà lọ́wọ́ àpò tí ó ti gbẹ?

Ìbéèrè Kẹrin

Ìdílé kan san 900,000 náírà fún ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, pé kí ó ṣe àkàrà òyìnbó àti búrẹ́dì fún ìgbéyàwó. Làgbájá ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò ní ṣe é. Ó fi owó náà san owó ilé ara rẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó pé, kò sí búrẹ́dì. Ọrùn ta ni owó náà wà?

Ìdáhùn: (d), àwọn méjèèjì.

Òfin ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé bí ilé-iṣẹ́ bá gba owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan, tí kò sì lò ó fún iṣẹ́ náà pẹ̀lú èrò jìbìtì, olùdarí tí ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ni yóò dá owó náà padà fúnra rẹ̀. Èyí kò sì tú ilé-iṣẹ́ sílẹ̀.

Èrò jìbìtì ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Ká ní Làgbájá ti fi owó náà ra ìyẹ̀fun, ṣúgà àti bọ́tà, tí ààrò wá bàjẹ́ ní òru tí ó ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó, ilé-iṣẹ́ ti yẹ àdéhùn, ṣùgbọ́n kò sí jìbìtì níbẹ̀. Ìdáhùn yóò padà sí (b). Ẹni tí ó pẹjọ́ ni yóò fi ẹ̀rí jìbìtì hàn, àkọsílẹ̀ báńkì sì ni ó sábà máa ń sọ ibi tí owó gbà lọ.

Bí ẹ bá gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ káre. Bí ẹ bá fi (a) tàbí (d) dáhùn ìbéèrè kìíní, ẹ̀yin àti Tàmẹ̀dù ni ẹ jọ ṣe àṣìṣe kan náà: ó rí ọkọ̀ Làgbájá, ó sì rò pé ọkọ̀ náà wà nínú àdéhùn. Ìgbà tí ìyẹ̀fun ṣì wà nínú ilé ìkẹ́rù rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti béèrè ìwé onídùúró bí ti báńkì. Ní báyìí, 300,000 náírà ni ó wà níwájú rẹ̀, àwọn olówó mìíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn.